Àwọn àṣìṣe tó ń sọ bùdó ìdánwò ìṣègùn di òfò

Ẹni tó bá ti jókòó sí ìdánwò oníbùdó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ọ́sìkì, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ yóò ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí rí: agogo á dún, akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé, á béèrè ìbéèrè tó mọ́yán lórí, ẹni tó ń ṣe bí aláìsàn á sì yíjú sí olùyẹ̀wò pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ?" Wọ́n ti sanwó fún òṣèré, wọ́n ti tẹ ìwé, wọ́n ti fa àwọn olùyẹ̀wò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wọn fún odindi ọjọ́ kan, nígbẹ̀yìn wọ́n á wá yọ máàkì bùdó náà dànù, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ kò fi wákàtí méjì sí i kún iṣẹ́ rẹ̀. N kò kọ èyí fún ẹni tí kò mọ ohun tí bùdó ń jẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ìgbìmọ̀ ìdánwò, tí wọ́n ní kí ẹ mú bùdó kan wá, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Bùdó kan ṣoṣo ni n ó fi ṣàpẹẹrẹ. Ọkùnrin ẹni ọdún 54 kan wà ní yàrá pàjáwìrì láàárọ̀, àyà ń ro ó. Ìṣẹ́jú 8 ni akẹ́kọ̀ọ́ ní láti bi í léèrè ọ̀rọ̀, kí ó sì sọ fún olùyẹ̀wò ohun tó rò àti ohun tó máa ṣe. Ìwé mẹ́ta ni bùdó náà ní: ìwé ìtọ́ni tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà lẹ́nu ọ̀nà, ìwé máàkì ọwọ́ olùyẹ̀wò, àti ìwé ipa tí aláìsàn àdíbọ́n ń kọ́ sórí.

1. Bíbẹ̀rẹ̀ láti orí àrùn. Àwọn ẹni tuntun máa ń kọ "àyà ríro" sókè ìwé, wọ́n á sì máa da gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ìpinnu kan tí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọṣẹ́ yóò ṣe, tí èyí tí kò mọ̀ ọ́n kò ní ṣe. Nínú bùdó tiwa, ìpinnu náà ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi náítíréètì sábẹ́ ahọ́n ọkùnrin yìí, nítorí pé ó lo sidẹnáfíìlì lálẹ́ àná. Bí oògùn méjèèjì bá pàdé nínú ara, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fún ẹni tó lo sidẹnáfíìlì láàárín wákàtí 24 sẹ́yìn. Inú ìpinnu yìí ni ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jáde.

2. Ìwé máàkì tó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Ìwé máàkì àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi kọ ní ìlà 41, mo sì ń gbé e yangàn kiri. Ìṣẹ́jú 8 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 480. Bí a bá pín in fún ìlà 41, ohun tó bọ́ sí ìlà kọ̀ọ̀kan kò tó ìṣẹ́jú àáyá 12, ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀. Ẹni tó gba máàkì jù lọ́jọ́ náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń rọ̀jò ìbéèrè láìdúró gbọ́ èsì. Ẹlòmíràn tó hàn gbangba pé ó ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí béèrè ìbéèrè mẹ́sàn-án péré, ó mọ ohun tó ń ṣe ọkùnrin náà, ó mọ ohun tí kò gbọdọ̀ fún un, síbẹ̀ ó fìdí rẹmi lórí ìwé mi. Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹ́ kí ìlà kọjá 20 fún ìṣẹ́jú 8, mo sì máa ń fún ìlà tó kan ìpinnu náà ní máàkì tó wúwo ju ti yòókù lọ.

Ẹ má sì ṣe so ìbéèrè mẹ́ta mọ́ máàkì kan. "Ó béèrè nípa sìgá, ọtí àti àtọ̀gbẹ": bí ó bá béèrè nípa sìgá nìkan ńkọ́? Olùyẹ̀wò kan á fún un ní máàkì, èkejì á fi dù ú. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, tàbí kí ẹ kọ ọ́ kedere pé méjì nínú mẹ́ta ti tó. Ọ̀rọ̀ bíi "dáadáa" àti "bó ṣe yẹ" náà kò wúlò nínú ìwé yìí. Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ ni kí ẹ kọ.

3. Ìwé ipa aláìsàn. Ibí ni inú mi ti máa ń ru, kí ẹ má bínú bí mo bá pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ìwé yìí bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á to àmì àìsàn jọ sí ìpínrọ̀ kan, òṣèré á há a sórí, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì béèrè pé, "Kí ló gbé yín wá lónìí?", òṣèré á tú gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Olùyẹ̀wò á sì máa fa ìlà sí ibi mọ́kànlá nínú ìwé máàkì, nígbà tí ẹni tó ń ṣèdánwò kò tíì ṣe ju kíkí lọ. Àwọn mìíràn tó ti gbọ́ ìkìlọ̀ yìí á wá ṣe òdìkejì rẹ̀: wọ́n á ní kí òṣèré má sọ ohunkóhun àfi tí wọ́n bá béèrè. Ìyẹn náà burú. Àwa la kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó jẹ́ kí aláìsàn sọ tẹnu rẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí a sì fi odi pàdé rẹ̀, ẹni tó bá fọ̀rọ̀ wá aláìsàn lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá ni yóò yege.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo pín ọ̀rọ̀ aláìsàn sí ìpele mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ yí padà fún ẹnikẹ́ni: "Dókítà, àyà ló ń ro mí láti nǹkan bíi wákàtí kan sẹ́yìn, irú ẹ̀ ò ṣe mí rí." Lẹ́yìn náà, kí ó dákẹ́. Ìpele kejì ni ohun tí yóò sọ bí wọ́n bá ní kí ó ṣàlàyé sí i: pé ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹrù lé e láàárín àyà, pé orí àtẹ̀gùn ló wà tó fi bẹ̀rẹ̀, pé ó làágùn. Méjì ni kí ó sọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó tún dákẹ́. Ìpele kẹta ni ohun tí kò gbọdọ̀ jáde àfi tí wọ́n bá béèrè rẹ̀ gan-an. Bí mo ṣe kọ apá tó kan oògùn nìyí:

"Bí wọ́n bá béèrè pé ṣé ẹ ń lo oògùn, ẹ dáhùn pé: 'Ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni dókítà kọ fún mi.' Bí wọ́n bá tún béèrè èyí tí ẹ rà fúnra yín, ẹ wolẹ̀, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ sọ pé: 'Mo lo kiní kan... èyí tí àwọn ọkùnrin máa ń lò. Lálẹ́ àná.' Bí wọ́n bá béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ sọ pé sidẹnáfíìlì ni. Bí wọn kò bá béèrè, ẹ má ṣe sọ ọ́, bó ti wù kí ojú akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣeni láàánú tó."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "dókítà kọ fún mi". Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Bí ẹ bá fi nǹkan pamọ́ láìfi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀, àfọ̀ṣẹ lẹ ń dán wò. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ pé àwọn oògùn kan lè wà tí dókítà kò kọ.

Ẹ tún gbọdọ̀ kọ ohun tí òṣèré yóò ṣe nígbà tí ìwé kò bá sọ nǹkan kan. Ọgbọ́n yìí kò wá sí mi lórí lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún kan, ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń ṣe bùdó kan náà nígbà kan náà, òṣèré méjì ló sì ń ṣe aláìsàn mi. N kò kọ ohunkóhun nípa bàbá ọkùnrin náà. Nígbà tí wọ́n béèrè, òṣèré kìíní ní bàbá òun wà láyé, ara rẹ̀ sì le. Òṣèré kejì, tó jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn àtẹ́wọ́, ní àrùn ọkàn ló pa bàbá òun ní ẹni ọdún 48, ó sì bú sẹ́kún. Kí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ó ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, agogo sì dún kí ọ̀pọ̀ wọn tó dé orí ọ̀rọ̀ oògùn. Ìgbà tí a to máàkì ọ̀wọ́ méjèèjì síra wọn ni a tó rí i. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bínú sí òṣèré náà, kí n tó tún ìwé mi kà, tí mo sì rí i pé èmi ni mo fi àyè sílẹ̀ tó fi kọ eré tirẹ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tí Ronald Harden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú ìdánwò yìí jáde ní Dundee, tí wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ ní 1975, ohun tí wọ́n ń sá fún ni kí orí ire máa pinnu irú aláìsàn àti irú olùyẹ̀wò tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá pàdé. Òṣèré tó ń dá ìtàn sílẹ̀ ti dá orí ire padà sínú rẹ̀. Ní báyìí, ohun tí mo ń kọ ni pé: "Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yìí, 'Rárá' tàbí 'Mi ò mọ̀' ni ìdáhùn rẹ̀." Bí wọ́n bá sì béèrè ìbéèrè mẹ́ta pọ̀, èyí tó kẹ́yìn nìkan ni kí ó dá lóhùn.

Nọ́mbà ti pòórá mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ìyókù bó bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́ orí tó jẹ́ 54 nínú ìwé kan tó sì jẹ́ 45 nínú èkejì: ẹ kà á tán kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ìwé ẹnu ọ̀nà tí kò sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ṣe: bí ẹ kò bá kọ "Má ṣe yẹ ara aláìsàn wò", ẹnìkan á tú bọ́tìnnì ẹ̀wù òṣèré.

Ìbéèrè olùyẹ̀wò náà lè tú àṣírí bùdó. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ní kí olùyẹ̀wò béèrè ní ìṣẹ́jú kẹfà pé, "Oògùn wo ni o kò ní fún un?" Kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé oògùn kan wà tó léwu! "Kí lo rò pé ó ń ṣe é, kí lo sì máa ṣe báyìí?" ti tó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni kí olùyẹ̀wò kà á, láìfi ojú tàbí orí sọ ọ̀rọ̀ kún un.

Àwọn kan kì í fi àyè sílẹ̀ fún èrò olùyẹ̀wò lórí gbogbo iṣẹ́ náà lápapọ̀, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ náà kùnà, ó wà ní bèbè, tàbí ó yege. Láti ara èrò yìí àti máàkì orí ìwé ni a ti ń wá máàkì tí ẹni tó wà ní bèbè sábà máa ń gbà, ìyẹn ni a sì ń fi ṣe òdiwọ̀n ìyege bùdó náà, dípò kí a kàn dìmú mọ́ ìdajì. Kí olùyẹ̀wò kọ èrò yìí kí ó tó ro máàkì pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àròpọ̀ náà ni yóò máa bá a ronú.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni bùdó tí ẹnikẹ́ni kò dán wò kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Ẹ wá ẹlẹgbẹ́ kan tí kò tíì rí ìwé náà, ẹ tẹ agogo, kí ó ṣe é. Nígbà tí a dán èyí tí mo fi ṣàpẹẹrẹ wò, ẹni tó bá mi ṣe é bi òṣèré wa pé, "Aago mélòó lálẹ́ àná?" Òṣèré wò mí. Èmi tí mo ti kọ̀wé báyìí láti ìgbà pípẹ́, tí mo gbé gbogbo bùdó náà ka orí wákàtí 24, n kò kọ aago. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sí i: aago mẹ́wàá, ẹyọ kan ṣoṣo.