Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ímeèlì sí oníbàárà tí owó rẹ̀ ti fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́

Tí owó iṣẹ́ bá ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kọjá ọjọ́ tó yẹ kó wọlé, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni oníbàárà ń sá fún gbèsè. Ínfọ́ìsì lè wà lọ́wọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa, kó má tíì dé ọ̀dọ̀ akáǹtáǹtì rárá. Nítorí náà, ẹni tí ímeèlì wa máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn lè jẹ́ ẹni tí kò rí wa rí, tí kò sì mọ iṣẹ́ tí a ṣe. Ó yẹ kó lè sanwó lórí ímeèlì yẹn nìkan, láìpe ẹnikẹ́ni béèrè ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Atẹ̀wé kan ní Ìbàdàn tẹ lébẹ́ẹ̀lì 5,000 fún ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ. Owó iṣẹ́ náà jẹ́ ₦385,000. Ó fi ínfọ́ìsì nọ́ńbà 0147 ránṣẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, ó sì kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé kí wọ́n san án láàárín ọjọ́ 14. Ọjọ́ 16 ni owó yẹ kó wọlé. Ọjọ́ 30 la wà yìí.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ máa ń ṣẹlẹ̀ kí èèyàn tó tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo: kó máa ka ọjọ́ láti ìgbà tó ti gbé iṣẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 9 ni ínfọ́ìsì tó kúrò lọ́wọ́ atẹ̀wé yìí, ọ̀sẹ̀ kan péré ni owó náà fi pẹ́, oníbàárà á sì fi ọjọ́ yẹn já a ní irọ́. Ẹ ṣí ímeèlì tí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kí ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ àti àdírẹ́sì tó lọ. Ẹ tún wo àkáǹtì yín dáadáa. Owó ti lè wọlé lábẹ́ orúkọ mìíràn, nítorí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kéékèèké máa ń sanwó láti àkáǹtì ti ara wọn.

Àṣìṣe tó ń pa wá lára jù lọ ni ẹ̀bẹ̀. Nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ ọ̀wọ̀ la ti jáde, a máa ń kọ ọ́ báyìí: “Ẹ má bínú pé mo tún ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà tó bá rọrùn fún yín, kò sí wàhálà.” Kíkí èèyàn yàtọ̀ sí bíbẹ èèyàn. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ tán, tó ń béèrè owó rẹ̀, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ “ìgbà tó bá rọrùn” sì ti sọ fún akáǹtáǹtì pé kó fi ìwé yìí sísàlẹ̀, kó kọ́kọ́ dá ẹni tó dá ọjọ́ fún un lóhùn. Ẹ kí wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ pè wọ́n ní Sà tàbí Mà bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ iye owó àti ọjọ́. Ọ̀wọ̀ wà nínú ìkíni àti ohùn. Iye owó àti ọjọ́ ló ń mú ọ̀rọ̀ le.

Àlàyé nípa àìní wa náà kò yẹ níbẹ̀. Tí a bá kọ ọ́ pé owó ilé-ìwé ọmọ ń dúró, tàbí pé onílé ń dààmú wa, a ti sọ gbèsè di ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣe ìrànlọ́wọ́ lè sọ pé agbára òun kò ká a lóṣù yìí.

Ẹlòmíràn á sì fi ìbínú ṣe é. Á fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà, á dárúkọ lọ́yà, á ní òun máa gbé e sórí Fesibúùkù. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì tó fún ìyẹn. Ẹni tó lè bá wa ti ìwé náà síwájú ni a dójú tì yẹn, kò sì ní yára mọ́. Bákan náà ni owó èlé: ẹ má fi kún ínfọ́ìsì tí kò bá sí nínú àdéhùn tí ẹ jọ ṣe. Ti àwọn tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀, nítorí òfin ọdún 1998 níbẹ̀ lórí gbèsè iṣẹ́ tó pẹ́ gba ilé-iṣẹ́ láyè láti bu èlé lé e fún ilé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ kejì ló yẹ kí wọ́n fi ìyẹn sí, kì í ṣe àkọ́kọ́.

Àkọlé ímeèlì náà ń fa ìfàsẹ́yìn. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta” tàbí “Ìránnilétí” nìkan kò ran ẹni tó ń wá 0147 láàárín ọgọ́rùn-ún ímeèlì lọ́wọ́. Ẹ sì so ínfọ́ìsì náà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan sí i, ní PDF, kódà bí ẹ ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀kan wà tó léwu ju gbogbo wọn lọ: kí èèyàn yí nọ́ńbà àkáǹtì padà nínú ímeèlì ìránnilétí. Bí àwọn onígbàjúẹ̀ ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n á wọ inú ímeèlì ẹni, wọ́n á ní kí wọ́n san owó sí àkáǹtì tuntun. Akáǹtáǹtì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa dá owó yín dúró títí á fi wádìí. Ẹ fi àkáǹtì orí ínfọ́ìsì sílẹ̀ bó ṣe wà. Tó bá pọn dandan kó yí padà, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù.

Ohun tí atẹ̀wé wa lè kọ nìyí:

Àkọlé: Ínfọ́ìsì 0147, ₦385,000, ó yẹ kó wọlé ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà

Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ kú iṣẹ́.

Owó ínfọ́ìsì 0147 fún lébẹ́ẹ̀lì 5,000 tí a kó wá fún yín, ₦385,000, kò tíì wọlé. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ló yẹ kó wọlé. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì lónìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa san án kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 4 oṣù Keje. Àkáǹtì wa kò yí padà. Ó wà lórí ínfọ́ìsì tí mo so mọ́ ímeèlì yìí. Tí ohun kan bá ń dí i lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ lọ́la, kí n lè tún un ṣe. Ẹ ṣeun, Mà.

Ìbéèrè tó wà ní ìparí yẹn ṣe pàtàkì. Ó ń jẹ́ kí wọ́n sọ ìdí tòótọ́, bóyá nọ́ńbà ìwé ìrajà wọn ló kù lórí ínfọ́ìsì, tàbí pé lébẹ́ẹ̀lì díẹ̀ bàjẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wa. Tí ọjọ́ 4 bá kọjá láìsí èsì, ẹ pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kí ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó owó sísan. Ẹ wá fi ìdáhùn rẹ̀ ṣọwọ́ sórí ímeèlì kan náà, kí ọjọ́ tó dá lè wà ní àkọsílẹ̀.

Tí owó bá wọlé tó sì dín díẹ̀ sí ₦385,000, ẹ má tíì kọ ímeèlì gbèsè mìíràn. Ó lè jẹ́ owó orí tí òfin ní kí ilé-iṣẹ́ yọ sílẹ̀ fún ìjọba lórúkọ yín. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, torí òun lẹ máa fi dín owó orí tiyín kù.