Fúláàṣì lẹ́yìn ráútà: bí gbogbo ilé ṣe lè máa lo fáìlì kan náà

Ẹ yí ráútà yín padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ USB sí lára, ẹ ti ní ohun tí ẹ nílò. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má da ara yín láàmú. Máì-Fáì kékeré tí à ń gbé sápò náà ní ihò tirẹ̀, àmọ́ ihò tí a fi ń ṣáàjì rẹ̀ nìyẹn, kò mọ ohun tó ń jẹ́ fúláàṣì.

Bí fúláàṣì bá ti wà lẹ́yìn ráútà, ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí Wáì-Fáì ilé lè ṣí ohun tó wà nínú rẹ̀, láti orí fóònù, kọ̀ǹpútà tàbí tẹlifíṣọ̀n. Kò jẹ dátà. Fáìlì náà kò jáde kúrò nílé rárá, àárín ráútà àti fóònù yín ló ń rìn. Kódà bí dátà bá tán láàárín oṣù, ẹ ó ṣì rí fáìlì yín ṣí.

Ohun tó jẹ́ kí èmi bẹ̀rẹ̀ ni fídíò ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin. Fáìlì kan ṣoṣo ni, ó tó gígábáìtì 7. Màmá wa fẹ́ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ ẹ lórí kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ sì fẹ́ gé ibi tí wọ́n ti ń náwó fún ìyàwó jáde. Fúláàṣì kan ló ń ti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíì, títí a fi wá a tì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Fúláàṣì gígábáìtì 64 ni mo lò, òun náà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì sáré gbé háàdì dísìkì wá. Ihò USB 2.0 kò gbọdọ̀ ju mílíámpù 500 lọ, ti 3.0 kò ju 900 lọ, bẹ́ẹ̀ háàdì tó ń yí máa ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń dún “kẹ́, kẹ́, kẹ́” tí kò sì yọjú, iná kò tó o nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lo háàdì dandan, kó ra họ́ọ̀bù USB tó ní ádápítọ̀ tirẹ̀ tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Kí ẹ tó kì í sẹ́yìn ráútà, ẹ kọ́kọ́ fi fúláàṣì náà sára kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò, torí a fẹ́ nù ún. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí orúkọ rẹ̀, ẹ mú `Format`, ẹ yan `NTFS`. Àwọn kan á ní `FAT32` ni gbogbo nǹkan mọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ FAT32 kì í gba fáìlì kan tó bá tó gígábáìtì 4, fídíò ìgbéyàwó wa kò sì lè wọ̀ ọ́. Ní ti `exFAT`, ráútà àtijọ́ kan wà tí kò lè kà á. NTFS ni èmi ń lò, mi ò sì fẹ́ gbọ́ àríyànjiyàn lórí rẹ̀.

Ẹ kó àwọn fáìlì ńlá sórí rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lára kọ̀ǹpútà. Mo ti rí ẹni tó kì í sẹ́yìn ráútà lófìfo, tó wá ń fi Wáì-Fáì kó fídíò ogún ránṣẹ́ sí i láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ kó ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ kì í bọ ráútà, ẹ ṣí àdírẹ́sì ráútà yín nínú bíráúsà, `192.168.0.1` ni tèmi, ẹ sì wọlé. Lórí ráútà TP-Link Archer tí mò ń lò, ó wà lábẹ́ `Advanced`, `USB`, `USB Storage Device`. Orúkọ fúláàṣì yín yóò hàn níbẹ̀. Ẹ tan `Secure Sharing`, kó lè máa bèèrè orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá rí `FTP (Via Internet)`, ẹ pa á, torí òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò sí nínú ilé.

Fóònù kì í yọni lẹ́nu. Ẹ fi VLC sórí Android, ẹ wọ ibi tó ti ń wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé, ẹ ó rí ráútà níbẹ̀. Lórí iPhone, `Connect to Server` tó wà nínú `Files` ni, ẹ tẹ `smb://192.168.0.1`. Ẹ ṣe ti fóònù ṣáájú, torí bó bá ṣiṣẹ́ lórí fóònù tí kò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ti mọ̀ pé ráútà kò jẹ̀bi.

Windows ló máa ń ṣe agídí. Ẹ ṣí fódà kan, kí ẹ tẹ èyí síbi tí àdírẹ́sì wà lókè:

```
\\192.168.0.1
```

Bó bá bèèrè orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù, èyí tí ẹ yàn lórí ráútà ni kí ẹ fún un. Bó bá sọ pé wọ́n ti dí `unauthenticated guest access`, ẹ kò tíì tan páásìwọ́ọ̀dù lórí ráútà nìyẹn. Windows kò fẹ́ wọ ilé tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ láìkanlẹ̀kùn. Ẹ padà lọ tan án, ọ̀rọ̀ parí.

Èyí tó léwu ni kó sọ pé `This share requires the obsolete SMB1 protocol`. SMB ni èdè tí ráútà àti kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé SMB1, ẹ̀yà àtijọ́ èdè náà, nìkan ni ráútà yín gbọ́, Windows sì ti pa ẹ̀yà yẹn tì. Ẹnì kan á wá sọ fún yín pé kí ẹ lọ sí `Windows Features`, kí ẹ máàkì SMB1, yóò ṣí. Òótọ́ ni, yóò ṣí. Àmọ́ inú SMB1 gan-an ni WannaCry gbà wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó ti fáìlì pa, tó ń gba owó kó tó ṣí i. Látìgbà náà ni Windows 10 ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láìsí i. Ẹ má dá a padà nítorí fídíò. Ẹ wá `Firmware Upgrade` lórí ráútà yín, torí àtúnṣe tuntun lè fún un ní SMB2. Bí kò bá sí, FTP inú ilé, ọ̀nà mìíràn láti kó fáìlì, ni kí ẹ lò pẹ̀lú áàpù FileZilla. Kò rẹwà, ṣùgbọ́n kò ní kí ẹ dá SMB1 padà sórí kọ̀ǹpútà yín.

Títí dé ibí yìí, ẹni tó bá ní sùúrù á ṣe é. Ọ̀rọ̀ iná ni ọ̀pọ̀ ń bá jẹ́, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí ọkàn wọn sì ti balẹ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí fóònù bá ní òun ti fi fáìlì ránṣẹ́ tán, ó lè má tíì dé orí fúláàṣì. Ráútà máa ń kọ́kọ́ gbà á sórí ara rẹ̀, kó tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí akọ̀wé èsúsú ló rí: ó ti kọ orúkọ yín sínú ìwé pé ẹ ti san, owó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì bọ́ sínú àpótí. Bí iná bá lọ ní àkókò yẹn, ìwé àti àpótí kò bára mu mọ́. NTFS ní àkọsílẹ̀ kékeré tó fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ó sì lè fi tún ìwé rẹ̀ ṣe. FAT32 kò ní irú rẹ̀, ìdí kejì nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má lò ó. Ṣùgbọ́n fáìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí iná lọ, NTFS pàápàá kò lè dá a padà.

Ẹ má sì rò pé jẹnẹrétọ̀ gba ìṣòro yìí. Láàárín ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tí ẹ bá yí ṣíńjì, ráútà ti kú, ó ti jí. Ohun tó gbà á ni UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà, tó ní bátìrì nínú. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ádápítọ̀ ráútà kí ẹ tó rà á: bó bá jẹ́ vóòtì 12 ni wọ́n kọ, vóòtì 12 ni kí UPS náà máa gbé jáde, kí ámpù rẹ̀ má sì dín sí ti ádápítọ̀. Ẹni tí kò tíì lè rà á, kó sọ fúláàṣì náà di ohun tí à ń kà nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan kún un, ẹ yọ ọ́ lọ sára kọ̀ǹpútà. Ọdún méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Yíyọ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin wọlé lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ ṣáàjì fóònù, ó rí ihò USB lẹ́yìn ráútà, ó fa fúláàṣì yọ, ó sì ki wáyà tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ń fi fọ́tò ìsìnkú ránṣẹ́ sí i lọ́wọ́. Nígbà tí a kì í bọ kọ̀ǹpútà, ohun tí a rí ni `You need to format the disk in drive E: before you can use it.` Ẹ̀gbọ́n fẹ́ tẹ `Format disk`. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Bó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, `Cancel` ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ wá ṣí `Command Prompt` gẹ́gẹ́ bí `administrator`, kí ẹ sì kọ èyí, ẹ fi lẹ́tà fúláàṣì tiyín rọ́pò E:

```
chkdsk E: /f
```

Bó bá ṣiṣẹ́, ẹ lè rí fódà tuntun kan tó ń jẹ́ `FOUND.000`, tí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.CHK` wà nínú rẹ̀. Àjákù fáìlì yín ni, ẹ má pa wọ́n rẹ́ kí ẹ tó yẹ̀ wọ́n wò. Bó bá ní `RAW` ni fúláàṣì náà, `chkdsk` kò lè ṣe nǹkan kan. Ẹ má kọ ohunkóhun sórí rẹ̀ mọ́. PhotoRec ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni, ó máa ń wú fọ́tò àti fídíò jáde, ṣùgbọ́n orí dísìkì mìíràn ni kí ẹ ní kó gbé wọn sí. Báyìí ni a ṣe rí èyí tó pọ̀ nínú fọ́tò ìsìnkú náà gbà padà, láìsí orúkọ lórí ìkankan, ẹ̀gbọ́n sì fi òpin ọ̀sẹ̀ kan tò wọ́n.

Ọ̀nà tó tọ́ láti yọ ọ́ ni kí ẹ padà sí ojú ìwé USB lórí ráútà, kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ dúró títí iná ara fúláàṣì yóò fi dẹ́kun ṣíṣẹ́jú. Fídíò ìgbéyàwó wà lórí kọ̀ǹpútà mi pẹ̀lú, torí fúláàṣì ẹ̀yìn ráútà kì í ṣe ibi tí à ń fi ẹ̀dà kan ṣoṣo sí. Mo sì ti fi sẹ́lótéèpù dúdú lẹ ihò ráútà àti fúláàṣì pọ̀, mo ra ṣájà tuntun fún àbúrò mi.