Àkọsílẹ̀ ilé tí ọjọ́ owó ilé kò fi ní kọjá lójú ẹni

Ẹ ṣí ṣíìtì mẹ́ta nínú Excel tàbí Google Sheets: Ilé, Èèyàn, Àdéhùn. Ọ̀pọ̀ ejẹ́ńtì ló ń kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Bí ayálégbé bá ti kó jáde, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ìtàn ilé náà á sì bá a lọ.

Nínú Ilé, ohunkóhun tó bá ní ilẹ̀kùn àti owó ilé tirẹ̀ ló ní ìlà tirẹ̀, ì báà ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fún un ní àmì tí kò ní yí padà, bíi BAS-03 fún fúláàtì kẹta ní Basiri, Adó-Èkìtì.

Nínú Èèyàn, ẹ kọ àmì náà, orúkọ, nọ́ńbà ayálégbé àti ti onídùúró. Bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ EKSU tó ń gbé Ìwọ̀rọ̀kò, ẹ gba nọ́ńbà òbí rẹ̀ náà, nítorí ìgbà ìsinmi ni wọn kì í gbé fóònù. Ẹ sọ òpó nọ́ńbà di Text kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òdo iwájú á pòórá.

Àdéhùn ni iṣẹ́ wà. A ni àmì ilé, B ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, C iye oṣù, D ọjọ́ ìparí, E ọjọ́ tó kù, F ọjọ́ tí owó wọlé, G "Ó TI PARÍ".

```
D2: =EDATE(B2,C2)-1
E2: =D2-TODAY()
```

Ẹ fa méjèèjì wálẹ̀ dé gbogbo ìlà tí ẹ bá kọ nǹkan sí. Ẹ sọ D di Date, kí ẹ sọ E di Number. Ẹ máa tẹ ọjọ́ báyìí: 2025-03-02. Bí ẹ bá tẹ 02/03/2025, kọ̀ǹpútà mìíràn á kà á sí oṣù Kejì, kò sì ní pariwo.

Ẹ jẹ́ ká wo BAS-03. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2025-02-01, oṣù 12, D sì fi 2026-01-31 hàn. Ayálégbé wá sanwó ní 2026-03-20. Ẹ kọ "Ó TI PARÍ" sí G ìlà àtijọ́, kí ẹ má pa á rẹ́. Ìlà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 2026-02-01. F nìkan ni 2026-03-20 ń lọ. Ẹni tó bá fi ọjọ́ owó ṣe ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ti fi ọjọ́ 47 lánlọ́ọ̀dù ta ayálégbé lọ́rẹ.

Àwọ̀ ló kù. Ẹ yan òpó A dé G láti ìlà kejì lọ sísàlẹ̀, kí ẹ wá fi èyí ṣe àwọ̀ ìyeyè nínú Conditional formatting:

```
=AND($A2<>"",$G2="",$E2<=210)
```

Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú 60 fún pupa, kí pupa wà lókè. Kí ló dé tó fi jẹ́ 210? Ẹni tó ń san owó ọdọọdún sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù mẹ́fà, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ìgbà ìyeyè ló yẹ kí ẹ bi lánlọ́ọ̀dù bóyá ó fẹ́ gba ilé rẹ̀. Pupa wà fún ẹni tó fẹ́ san owó tuntun.

Ní àràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ẹ fi E to gbogbo ìlà láti kékeré sí ńlá. Níbi tí G bá ti ṣófo, nọ́ńbà tó bá ní àmì ìyọkúrò níwájú ni ti ẹni tí àkókò rẹ̀ ti kọjá tó ṣì ń gbé ibẹ̀, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.