Kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n ti tún fídíò yín wò ni kò yé wọn o

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa tá à ń ṣe kọ́ọ̀sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyí: èèyàn á ṣí gíráàfù tó ń fi ibi tí wọ́n ti tún fídíò ẹ̀ wò hàn, á rí ibi tó ga sókè, á ní "ẹ̀hẹ́n, ibí ni ò yé wọn", ló bá gbé kámẹ́rà, ó tún ibẹ̀ yà. Ẹ rọra ná.

Ká mú fídíò kan lórí ìdá ọgọ́rùn-ún. Ní 2:30, olùkọ́ sọ pé tí iye nǹkan bá fi 20% lọ sókè, tó wá fi 20% wálẹ̀, kò ní padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́, ó kọjá lọ. Ní 4:10, tábìlì kan yọ, kó tó tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ó ti lọ. 4:10 yìí ni gíráàfù máa ga o, torí pé ńṣe làwọn èèyàn ń padà lọ da tábìlì kọ, ó yé wọn dáadáa. Àwọn tó ṣèwádìí fídíò 862 lórí edX, ìkànnì kọ́ọ̀sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní 2014 náà rí i pé nínú àwọn ibi gíga tí wọ́n yẹ̀ wò, 61% ló wà nítòsí ibi tí ohun tó wà lójú fídíò ti yí padà, bíi kí síláìdì lọ kí ojú olùkọ́ yọ.

Ibi tí wàhálà wà gan-an, 2:30, pẹrẹsẹ ló máa rí. Ẹni tó rò pé òun ti gbọ́ ọ yé, kí ló fẹ́ padà lọ wò?

Kuìsì ló máa tú u fó, àmọ́ àròpọ̀ máàkì nìkan lọ̀pọ̀ ń wò, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ wo ìdáhùn tí wọ́n ṣì mú. Tí ìbéèrè bá ní 100 fi 20% lọ sókè, ó tún fi 20% wálẹ̀, 96 ni ìdáhùn, torí 20% ti 120 jẹ́ 24. Ká ní nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, 45 mú 100, wọ́n rò pé 20 kan náà ló lọ tó bọ̀ nìyẹn, tààrà ló sì máa gbé yín lọ sí 2:30. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dáhùn ni kẹ́ ẹ kà o, torí tẹ́ ẹ bá gbà kí wọ́n tún un ṣe, gbogbo wọn á yege nígbẹ̀yìn ẹ̀ tó bá yá, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan mọ́.

Ohun míì ni pé bọ́tìnì tó ń dá fídíò padà sábà máa ń fò sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, torí náà ibi tí gíráàfù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga kọ́ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú, ẹ wò ó síwájú díẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá tún 2:30 yà, ẹ má fọwọ́ kan ìbéèrè yẹn rárá, kẹ́ ẹ lè rí i bóyá àwọn tó ń mú 100 nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó wọlé ti dín kù. Tábìlì yẹn ńkọ́? Ẹ fi sábẹ́ fídíò kí wọ́n máa gbà á sórí fóònù, ó tán.