Ẹsẹ̀ kan wú, ó gbóná, ibà sì dé

Ìbéèrè: Àná ni ẹsẹ̀ òsì màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú láti ọrùn ẹsẹ̀. Òtútù mú wọn lóru, ara wọn gbóná, wíwú náà sì ti ń gun ojúgun lọ. Àwọn ará ilé ní wọ́n ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, pé kí a sín gbẹ́rẹ́ sí i. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí abẹ kan ẹsẹ̀ náà rárá. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ sẹluláítíìsì, ìyẹn àkóràn tí bakitéríà ń dá sílẹ̀ nínú awọ ara àti ọ̀rá abẹ́ rẹ̀. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n rẹ̀ lè má hàn. Awọ ibẹ̀ lè kàn dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó sì máa dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ mọ èyí tó gbóná jù.

Ẹ ya àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn wò pẹ̀lú. Ibi tí omi ti jẹ títí awọ fi funfun, tó sì là, ni bakitéríà sábà máa ń gbà wọlé, bí kò bá jẹ́ ojú egbò. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ń wá ẹni tó sa sí i kiri, nígbà tó jẹ́ pé àárín ọmọ ìka rẹ̀ ni àrùn gbà wọlé.

Ẹ wá fi bírò fa ìlà yí etí ibi tó wú ká, kí ẹ kọ ago tí ẹ fà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ọsibítù lónìí, torí ibà àti òtútù yẹn fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá awọ. Dókítà yóò wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan, nítorí ìyẹn náà máa ń mú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n ti lo kápúsù tí a rà ní kẹ́mísì lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kò tíì tó?

Ìdáhùn: Kò tó. Fulukulọ́sasílíìnì, oògùn tó ń pa bakitéríà, tó sì jẹ́ ọ̀kan lára ẹbí pẹnisílíìnì, ni dókítà sábà máa ń kọ, mílígíráàmù 500 lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún ọjọ́ 5 sí 7, àyàfi bí ara wọn bá kọ pẹnisílíìnì, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ ṣáájú. Bí ibà bá le, inú iṣan ni wọ́n á ti fún wọn lóògùn. Bí a bá jáfara, bakitéríà náà lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba àwọn ọ̀nà tí omi ara ń gbà kúrò lẹ́sẹ̀ jẹ́, kí ẹsẹ̀ náà máa wú lemọ́lemọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Tí oògùn bá ti bẹ̀rẹ̀, wíwú náà ṣì lè kọjá ìlà bírò díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ibà ló sábà máa ń kọ́kọ́ rọlẹ̀. Ẹ máa gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí. Bí kò bá rọlẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ padà sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá ju ohun tí ojú rí lọ, bí awọ bá ń kú tàbí tó lé ròrò, bí wọ́n bá ń mí gúlegúle tàbí tí wọ́n ń sọ ìsọkúsọ, òru yòówù kó jẹ́, ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.