Ṣé búrẹ́dì yìí ti bu ni àbí fùláwà ló wà lára ẹ̀?

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ti ní àmì dúdú dúdú lára. Ṣé kí n dà á nù?"

Ó pọ́n ni. Ẹ bó o kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Tí irun bá wà lórí àmì náà tàbí omi ń ro níbẹ̀, ẹ jù ú nù.

"Wàrà mi ní àmì aláwọ̀ ewé kékeré kan. Ṣé mo lè gé ibẹ̀ kúrò?"

Rárá o. Wàrà rọ̀, omi wà nínú ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ rí lókè ti lè wọnú. Ṣíìsì líle nìkan lẹ lè gé, ínṣì kan yí ká àti sísàlẹ̀, kí ọ̀bẹ má kan ibi tó bu.

"Nǹkan funfun wà lára búrẹ́dì tí mo rà lọ́wọ́ yín, ẹ wo fótò ẹ̀. Ṣé fùláwà ni?"

Ojoojúmọ́ ni mò ń gba fótò yìí, ó sì ti dójú tì mí rí. Màmá kan ra búrẹ́dì oní-sílàìsì ní Tọ́sìdeè, àárọ̀ Sátidé ni wọ́n fi fótò ránṣẹ́, mo wò ó fìrí mo ní "fùláwà ni mà, ẹ máa jẹ ẹ́". Nígbà tó dalẹ́ wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, àárín ẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, etí ẹ̀ ṣì funfun. Èbu ló wà níbẹ̀ láàárọ̀, torí funfun ló kọ́kọ́ máa ń jẹ́, àwọ̀ ewé máa ń tẹ̀ lé e ni.

Mo padà wo fótò àárọ̀ yẹn dáadáa. Ojú ibi tí ọ̀bẹ gé ni funfun náà wà! Ẹ̀yìn àti ìdí búrẹ́dì ni fùláwà tábìlì máa ń lẹ̀ mọ́, ìgbà tó bá jinná tán la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gé e, báwo ni fùláwà ṣe máa débẹ̀? Fílàáṣì fóònù wọn náà tún ba nǹkan jẹ́, ó tan ìmọ́lẹ̀ sójú ẹ̀ gan-an débi pé irun ẹ̀ ò hàn mọ́.

Nítorí náà ẹ pa fílàáṣì, ẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ẹ ya á láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Fùláwà máa sùn pẹrẹsẹ, èbu máa dìde bí òwú. Ẹ má gbóòórùn ẹ̀ o, ẹ má fa eruku ẹ̀ símú. Tí ojú ibi tí wọ́n gé bá funfun báyẹn, ẹ má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi, odindi ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dànù, torí ihò pọ̀ nínú búrẹ́dì, okùn èbu sì ti lè gba inú ẹ̀ kọjá láìhàn. Yíyan án lórí iná ò tún un ṣe.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ ló wà tí kò sì dá yín lójú, ẹ ya òmíràn lọ́jọ́ kejì. Fùláwà kì í tàn kálẹ̀.

"Mo ti jẹ méjì kí n tó rí i ńkọ́?"

Inú rírun díẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní mọ nǹkan kan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń bì léraléra, tàbí èémí ń há, tàbí ara ń wú, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré lọ, ẹ yéé fi fótò ránṣẹ́ sí mi.