Eré Kíríjì dùn, àmọ́ ìtàn kò wọlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì girama kékeré ní ìtàn. A fi Ogun Kíríjì tí Ìbàdàn bá Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, jà ṣeré, igi di ìbọn, inú wọn dùn. Nígbà tí ìdánwò dé, wọn ò mọ ohun tó fa ogun. Ẹnìkan tilẹ̀ kọ ọ́ pé Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtì Parapọ̀, ló bẹ́ Látòóṣà, Ààrẹ Ìbàdàn, lórí!

Ìdáhùn: Ohun tí ọmọ yẹn rí lójú agbo ló kọ. Ibùdó ogun ni Látòóṣà kú sí ní 1885, Ògèdèǹgbé kọ́ ló pa á. Ìjà ni ẹ fi ṣeré, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó ń ju igi kò níí ráyè ro ìdí tó fi ń jà.

Ìpàdé àlàáfíà ọdún 1886 ni kí ẹ fi ṣeré. Ẹ pín wọn sí Ìbàdàn, Èkìtì Parapọ̀ àti àwọn oníṣẹ́ àárín, ìyẹn Samuel Johnson àti Charles Phillips. Ẹ kọ ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ sínú pépà, kí ìhà kejì má rí i. Èkìtì Parapọ̀ kò fẹ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn mọ́, wọ́n sì fẹ́ gba Igbájọ, Ọ̀tan, Ìrèsì àti Àda. Ìbàdàn kò fẹ́ fi ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ìhà méjèèjì kò gbọdọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀, àfi kí àwọn oníṣẹ́ gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀.

Láàárín ìṣẹ́jú 15, ọ̀rọ̀ ìlú mẹ́rin yìí ni yóò há wọn lọ́fun. Ẹ dá wọn dúró níbẹ̀, kí ẹ wá ka àdéhùn: Èkìtì Parapọ̀ gba òmìnira, àwọn ìlú náà dúró sọ́dọ̀ Ìbàdàn, àmọ́ ará ibẹ̀ tó bá fẹ́ kúrò lè kúrò. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà yóò pariwo! Ẹ bi wọ́n pé kí ló lè mú Ògèdèǹgbé gbà. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Kí wọ́n tó lọ, kí oníkálukú jókòó sáyè rẹ̀, kí ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ sápá kan ìwé, kí ó kọ ohun tí a fi kún un sápá kejì. Ibẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ orí bíbẹ́ yẹn ti máa ń tú síta.

Ìbéèrè: Gbogbo wọn ló fẹ́ ṣe Ògèdèǹgbé. Ẹni tó ṣe Ìbàdàn, wọ́n fi ń ṣẹ̀sín títí dé ìta.

Ìdáhùn: Àwọn aláriwo ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣe Ìbàdàn, kí wọ́n pààrọ̀ ìhà ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e. Ẹ má fi ọmọ tí ilé wọn jẹ́ Ìbàdàn ṣe Ìbàdàn nítorí ilé bàbá rẹ̀. Kí ọmọ mẹ́ta jọ jẹ́ Ògèdèǹgbé, kí wọ́n máa gbìmọ̀ kí wọ́n tó fèsì. Ní tèmi, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣeré kíkó ẹrú, ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́.

Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé àdéhùn yẹn kò tú ibùdó ká lójú ẹsẹ̀. Ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó padà sílé.